Lẹ́tà tó há sẹ́nu ọ̀nà Mailman: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí a ń gbà á wọlé tàbí tí a ń dá a padà

Ẹni tó bá ń ṣọ́ àkójọ ímeèlì ẹgbẹ́ ìlú ti rí ìṣòro mẹ́ta yìí rí. Ẹ fọwọ́ sí lẹ́tà ẹnì kan lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà rẹ̀ kejì tún há sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́rú, ó sì pè yín pé kí ni òun fi ṣẹ̀ yín. Ẹ tẹ `Reject` fún lẹ́tà gbájúẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì irú rẹ̀ tún dé sí i. Tàbí ẹ yan ohun tó yẹ fún lẹ́tà mẹ́wàá, ẹ pa fóònù dé, nígbà tí ẹ máa fi padà débẹ̀, gbogbo wọn ṣì jókòó síbi tí wọ́n wà.

Àkójọ ìlú wa nílẹ̀ Ìgbómìnà ni mò ń ṣọ́ láti Ìlọrin. Mailman 2.1 tó wà nínú cPanel, ètò tó ń pín lẹ́tà àkójọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, la ń lò, òun náà sì ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Tí tiyín bá jẹ́ Mailman 3, ojúewé rẹ̀ kò rí báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà yẹ lẹ́tà wò nínú ìpele kejì kò yàtọ̀.

## Ohun tí ẹ máa nílò

Àkọ́kọ́ ni adírẹ́sì ojúewé tí àwọn lẹ́tà tó há wà. Nínú cPanel, ó sábà máa ń rí báyìí, tí ẹ bá fi orúkọ àkójọ yín àti ti wẹ́ẹ̀bù yín rọ́pò:

```
https://example.com/mailman/admindb/ilu_example.com
```

Èkejì ni páásíwọ́ọ̀dù. Mailman ní oríṣi méjì: ti alákòóso, tó lè yí gbogbo nǹkan padà, àti ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò lè ṣe ju iṣẹ́ ojúewé àwọn lẹ́tà tó há yìí lọ. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò nílò ju ti ẹ̀ṣọ́ lọ. Ẹ bẹ alákòóso kó ṣí i fún yín lábẹ́ `Passwords`, kí ẹ má máa gbé kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé kiri.

Ẹ̀kẹta ni ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tó ní nọ́ńbà fóònù, kì í ṣe adírẹ́sì ímeèlì nìkan. Ìwé yìí ló wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò ní. Ẹ gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹ sì fi sọ́wọ́.

Níkẹyìn, ẹ wá ẹnì kejì tí yóò máa bá yín ṣe é, kí lẹ́tà má baà sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà Òmù-Àrán tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Kò séwu pé ẹni méjì ń ṣe é: èyí tó bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí lẹ́tà kan ni tirẹ̀ máa múlẹ̀, lẹ́tà náà á sì kúrò lójú èkejì.

## Ìpele 1: Ẹ ka ìdí tó fi há kí ẹ tó ka lẹ́tà

Ẹ wọlé, ẹ ó rí àwọn lẹ́tà tí a to ní ìdílé ìdílé: gbogbo èyí tó ti ọwọ́ adírẹ́sì kan wá wà lójú kan. Ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Mailman á sọ ìdí tó fi dá a dúró. Ẹ má fo ìlà yìí. Mẹ́rin ni ẹ ó máa rí jù:

1. `Post by non-member to a members-only list`. Adírẹ́sì tó fi ránṣẹ́ kò sí nínú ìwé. Àlejò lè ni, gbájúẹ̀ lè ni, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó lo adírẹ́sì ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ló máa ń jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa.
2. `Post to moderated list`. Ọmọ ẹgbẹ́ ni, ṣùgbọ́n àmì ìṣọ́ ṣì wà lórí orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni èyí máa ń mú.
3. `Message has implicit destination`. Adírẹ́sì àkójọ kò sí níbi tí a ń kọ orúkọ ẹni tí a ń kọ̀wé sí. Ó sábà máa ń jẹ́ pé olùránṣẹ́ fi pamọ́ sí `Bcc`.
4. `Message body is too big`. Lẹ́tà náà wúwo ju ìwọ̀n lọ. Ìwọ̀n tí Mailman bá wá ni 40 KB, bẹ́ẹ̀ ìwé ìpè ìnáwó kan ṣoṣo tí a ya fọ́tò rẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà mẹ́wàá.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà níhìn-ín ni pé wọ́n máa ń mú ẹ̀kẹrin bí ẹni mú olè. Ọmọ ẹgbẹ́ gidi ni, fọ́tò rẹ̀ ló tóbi. Lẹ́tà tó há nítorí ìwọ̀n kò ní ẹjọ́ ìdánimọ̀ rárá. Kìkì ohun tí ẹ máa bi ara yín ni pé ṣé ẹ fẹ́ fi dátà gbogbo ènìyàn gbé fọ́tò náà.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ní gbólóhùn kan, láìwo ojúewé mọ́, ìdí tí Mailman fi dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró. Tí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan.

## Ìpele 2: Ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́

Ẹ tẹ nọ́ńbà lẹ́tà náà kó ṣí tán. Ẹ ó rí àpótí méjì: `Message Headers`, níbi tí àwọn ìlà orí lẹ́tà wà, àti `Message Excerpt`, níbi tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà. Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nìkan ni àpótí kejì ń fi hàn, nítorí náà lẹ́tà gígùn lè ní ìparí tí ẹ kò rí. Tí ó bá gùn, ẹ lọ ka ẹ̀dà rẹ̀ tí Mailman so mọ́ ímeèlì tó fi ta yín lólobó.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó dé sí wa ṣàpẹẹrẹ. Bàbá kan ṣaláìsí nílùú, ẹgbẹ́ sì ti kéde pé a ó dáwó fún ìdílé. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà kan há sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdí àkọ́kọ́ yẹn. Mo ti yí àwọn adírẹ́sì padà, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyí:

```
From: Akapo Egbe <akapo.egbe.ilu@example.net>
Reply-To: ipade77@example.org
To: ilu@example.com
Subject: Re: Owo isinku Baba
```

Nínú lẹ́tà náà, "akápò" ní báńkì ti ti àpò ẹgbẹ́ pa fún ìgbà díẹ̀, pé kí a máa sanwó sí àpò mìíràn, pé òun wà nínú ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe òun.

Ẹ bá mi wo ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tó wà níwájú, `Akapo Egbe`, kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ tó wù ú síbẹ̀. Ohun tó wà láàárín àmì `<` àti `>` ni ẹ máa fi wé ìwé orúkọ. Akápò wa ní adírẹ́sì kan nínú ìwé, èyí kọ́. Síbẹ̀, ìyẹn nìkan kò tó láti dá ẹjọ́, nítorí pé àwọn àgbà wa máa ń yí adírẹ́sì padà nígbà tí páásíwọ́ọ̀dù bá sọnù lọ́wọ́ wọn.

Ìlà kejì ló yẹ kó kọ yín lóminú. `Reply-To` ni ibi tí èsì máa lọ. Lẹ́tà wá láti ibì kan, èsì ń lọ síbòmíràn tí kò bá a tan. Ìlà yìí lè wà fún ìdí rere, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi fóònù ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ owó nínú lẹ́tà kan náà, ẹ dúró.

Ẹ̀kẹta ni `Re:`. Ó ń ṣe bí ẹni ń fèsì. Mo wá lẹ́tà tí à ń fèsì sí yìí nínú àkójọ, n kò rí i. Ẹ̀kẹrin kò sí lórí lẹ́tà, inú rẹ̀ ló wà: "ẹ má pè mí." Akápò tó ń gba owó ìsìnkú lọ́wọ́ ọmọ ìlú kì í sọ pé kí wọ́n má pe òun.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, n kò tíì mọ̀ dájú. Ohun tó mú un dájú ni pé mo pe akápò lórí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé. Ẹ kíyè sí i: nọ́ńbà inú ìwé ni mo wí, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà. Àṣìṣe tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Nọ́ńbà tí gbájúẹ̀ kọ sínú lẹ́tà, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e, á sì jẹ́rìí ara rẹ̀ fún yín. Bàbá gbé fóònù ní Ọ̀fà, ó ní òun kò kọ̀wé kankan. Ẹjọ́ parí.

Tí ẹni tó kọ̀wé bá jẹ́ àlejò tí kò sí nínú ìwé rárá, ẹ bi í ní ohun tí ọmọ ìlú mọ̀: agboolé wo ni, ta ni ó mọ ọ́n nínú ẹgbẹ́? Ẹ fi ímeèlì tiyín kọ ọ́ sí adírẹ́sì rẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́tà náà sílẹ̀ síbi tó wà títí èsì á fi dé. Lẹ́tà tó há kò ní bàjẹ́, àfi tí alákòóso bá ti fún un ní iye ọjọ́, bí ẹ ó ṣe rí i nínú ìpele 5.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: ó yẹ kí ẹ lè fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan nínú mẹ́ta: ọmọ ẹgbẹ́ tó lo adírẹ́sì mìíràn, àlejò gidi, tàbí gbájúẹ̀ àti ìpolówó ọjà. Èyí tí kò bá wọ inú ọ̀kankan, ẹ fi sílẹ̀ ná.

## Ìpele 3: Ẹ yan ọ̀kan nínú mẹ́rin

`Defer` túmọ̀ sí pé kó ṣì wà níbẹ̀. Òun ni Mailman ti yàn fún gbogbo lẹ́tà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

`Accept` (ojúewé lẹ́tà kan ṣoṣo ń pè é ní `Approve`) á fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè pè é padà. Ẹ rántí pé lójúewé àkọ́kọ́, àmì kan ń mú gbogbo lẹ́tà tó wà lábẹ́ adírẹ́sì náà. Tí ẹnì kan bá fi ìbínú tẹ lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí pé kò rí i kó jáde, tí ẹ sì tẹ `Accept` níbẹ̀, gbogbo ìlú á gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gba ọ̀kan, ẹ da ìyókù nù.

`Reject` àti `Discard` ni àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. `Reject` kọ̀wé padà sí olùránṣẹ́ pé a kò gba lẹ́tà rẹ̀, pẹ̀lú àkọlé lẹ́tà náà àti ìdí tí ẹ bá kọ. `Discard` dà á nù láìsọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ènìyàn gidi tó yẹ kó gbọ́ èsì ni a ń ṣe `Reject` fún. Gbájúẹ̀ kò yẹ fún èsì, nítorí ìdí méjì. Tí adírẹ́sì bá jẹ́ tirẹ̀, èsì yín ń sọ fún un pé ènìyàn ń ka àkójọ yìí. Tí kò bá jẹ́ tirẹ̀, tí ó jí adírẹ́sì ẹlòmíràn lò, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni èsì yín máa lọ bá, tí irú rẹ̀ bá sì pọ̀, àwọn tó ń gba ímeèlì á bẹ̀rẹ̀ sí ka sáfà yín mọ́ àwọn tó ń da pàǹtí kiri. Nígbà náà lẹ́tà ìpàdé ẹgbẹ́ á wá máa bọ́ sínú àpótí pàǹtí. Odindi oṣù kan ni mo fi ṣe àṣìṣe yìí nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, mo rò pé ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ dáhùn gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, lẹ́tà "akápò" òkè yẹn, `Discard` ni.

Tí ẹ bá máa ṣe `Reject`, ẹ ṣí lẹ́tà náà tán kí ẹ lè rí àpótí tí a ń kọ ìdí sí. Ẹ pa ohun tí Mailman ti kọ síbẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì kọ tiyín. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, ohun tí ẹni náà máa gbà ni pé kò sí ìdí kankan. Ẹ wò ó bí ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ní Òmù-Àrán ṣe máa gba irú èsì bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ tó tó ọmọ rẹ̀. Fún àgbà, ẹ pe Bàbá tàbí Màmá lórí fóònù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ìwé má baà dé ṣáájú ẹnu. Ohun tí mo máa ń kọ nìyí:

> Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lẹ́tà yín dé, a sì rí i. Fọ́tò inú rẹ̀ wúwo ju ohun tí àkójọ lè gbé lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ránṣẹ́, a ó fi fọ́tò hàn nípàdé. A dúpẹ́.

Ìkìlọ̀ kan: tí èdè àkójọ yín lórí Mailman bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lè dàrú kí èsì tó dé ọ̀dọ̀ olùránṣẹ́. Ẹ fi adírẹ́sì ara yín kejì dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Tó bá dàrú, ẹ kọ èsì náà láti inú ímeèlì tiyín, kí ẹ sì ṣe `Discard` fún lẹ́tà tó há.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yàn tán, ẹ tẹ `Submit All Data`. Títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Èyí ló fa ìṣòro kẹta tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: ojúewé á kọ `Database Updated...`. Tí kò bá sí lẹ́tà kankan tó kù, á kọ `There are no pending requests.` Lẹ́tà tí ẹ gbà wọlé á sì dé inú àpótí ímeèlì tiyín náà, bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Tí ẹ bá lo fóònù ẹlòmíràn tàbí kọ̀ǹpútà káfè, ẹ tẹ `Logout` kí ẹ tó dìde.

## Ìpele 4: Ẹ rí i pé ẹni rere kò tún há mọ́

Gbígba lẹ́tà kan wọlé kò sọ olùránṣẹ́ di ẹni tí a mọ̀. Lójú Mailman, lẹ́tà yẹn nìkan lẹ fọwọ́ sí. Lẹ́tà kejì, ìdúró kejì. Àtúnṣe rẹ̀ dá lórí irú ẹni tó jẹ́.

Fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tí ìdí rẹ̀ jẹ́ `Post to moderated list`, ẹ wá àpótí `Clear this member's moderate flag` lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ sàmì sí i, kí ẹ tó tẹ `Submit All Data`. Ìgbà wo ló yẹ? Èmi kì í ṣe é lórí lẹ́tà àkọ́kọ́. Àwọn gbájúẹ̀ kan mọ ọgbọ́n yìí: wọ́n á kọ́kọ́ fi "ẹ kú ọdún" ránṣẹ́, tí àmì bá kúrò, lẹ́tà kejì á wá jẹ́ ti owó. Mo máa ń dúró de lẹ́tà méjì tó ní nǹkan nínú, àti ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Fún ọmọ ẹgbẹ́ tó lo adírẹ́sì kejì, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà kíákíá ni kí ẹ sàmì sí àpótí tó ní kí a fi adírẹ́sì náà sí ọ̀kan nínú àwọn `sender filters`, kí ẹ sì yan `Accepts`. Ẹ wo ibi tí àmì wà dáadáa, nítorí `Accepts`, `Holds`, `Rejects` àti `Discards` wà lórí ìlà kan náà, ìka tó ṣì lórí fóònù kékeré lè sọ Bàbá di ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ń wọ inú pàǹtí láìsí ìró. Ọ̀nà kejì, tí mo fẹ́ràn jù, ni kí alákòóso fi adírẹ́sì kejì náà kún ìwé ọmọ ẹgbẹ́, kó sì sàmì sí `nomail` fún un lábẹ́ `Membership List`. Ẹni náà á lè kọ̀wé láti ibi méjèèjì, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni á sì máa gbà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé orúkọ inú `Accepts` kì í hàn nínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni náà lè ti kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dún mẹ́ta, kí ìlẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí fún un. Kí alákòóso wo `mod` lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tuntun náà, kó sì yọ ọ́ tó bá wà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún há.

Fún gbájúẹ̀, ẹ yan `Discards` lórí ìlà kan náà. Kò ní ju adírẹ́sì yẹn lọ, ọ̀la ló máa fi òmíràn wá. Ẹ má ṣe ṣe é fún adírẹ́sì tó jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jí lò.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: ẹ ní kí ẹni náà fi ìlà kan ránṣẹ́ láti adírẹ́sì náà. Tó bá jáde láìdúró, ó ti tán. Tó bá tún há, ẹ padà sí ìpele 1, ẹ ka ìdí. Ó lè jẹ́ pé ìdí ti yàtọ̀.

Ààlà kan wà fún gbogbo èyí. Orí adírẹ́sì tí a kọ sórí lẹ́tà ni Mailman ti ń mọ ènìyàn. Tí gbájúẹ̀ bá kọ adírẹ́sì ọmọ ẹgbẹ́ gan-an sí `From`, tàbí tó jí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ lè kọjá láìdúró lọ́dọ̀ yín rárá. Nítorí náà, a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà àkójọ wa pé nọ́ńbà àpò ẹgbẹ́ kì í yí padà nípasẹ̀ ímeèlì. Ìpàdé la ti ń kéde rẹ̀. Lẹ́yìn ti "akápò", mo tún kọ̀wé sí gbogbo ènìyàn lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí gbájúẹ̀ tó dán an wò lọ́dọ̀ wa lè ti ní nọ́ńbà WhatsApp àwọn kan.

## Ìpele 5: Iye ọjọ́ tí lẹ́tà lè fi há

Lábẹ́ `General Options`, alákòóso á rí `max_days_to_hold`. Tó bá jẹ́ 0, lẹ́tà tó há á wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, Mailman á da lẹ́tà nù lẹ́yìn iye ọjọ́ yẹn, yálà ẹ kà á tàbí ẹ kò kà á. Mo ti rí àkójọ tí a fi sí 3. Iná lọ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀ṣọ́ lọ sílé fún ìnáwó, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ìwé ìpè ìpàdé ti pòórá, ẹni tó kọ ọ́ sì rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Tiwa wà ní 30.

Níbẹ̀ náà ni `admin_immed_notify` wà. Ẹ fi sí `Yes` kí olobó lè dé bí lẹ́tà bá ṣe ń há. Ìwé olobó náà ní ẹ̀yà kan tí a so mọ́ ọn, tí àkọlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `confirm`. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀yà yẹn, tí ẹ sì fèsì sí i láìyí àkọlé padà, Mailman á da lẹ́tà nù. Tí ìlà àkọ́kọ́ èsì yín bá sì jẹ́ `Approved:` pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù, á gbà á wọlé. Ó dára níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti lágbára láti ṣí ojúewé, ṣùgbọ́n èsì gbọ́dọ̀ lọ sí ẹ̀yà tí a so mọ́ ọn. Tí ẹ bá fèsì sí ìwé olobó fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ ni á padà wá, lẹ́tà á sì ṣì há. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn fèsì sí ẹ̀yà inú lẹ́tà. Tí tiyín bá wà lára wọn, ẹ dúró di ìgbà tí ojúewé bá ṣí.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: ẹ fi adírẹ́sì tí kò sí nínú ìwé ránṣẹ́ sí àkójọ yín. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó yẹ kí ẹ̀yin gba olobó, kí adírẹ́sì náà sì gba ìwé pé lẹ́tà rẹ̀ ń dúró de ẹ̀ṣọ́. Tí olobó kò bá dé, ẹ wo àpótí pàǹtí ímeèlì yín. Ibẹ̀ ni tèmi sá pamọ́ sí fún ọ̀sẹ̀ méjì.